Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Yín Fi Ń Dé Tí Fọ́tò Kì Í Dé

Ẹ ya fọ́tò ewé àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ lu, ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Èsì dé, ó ní: "Fọ́tò dà?" Ó rí ọ̀rọ̀ yín kà, kò rí àwòrán kankan. Ẹ so fọ́tò náà mọ́ ọn lóòótọ́, ojú ọ̀nà ló ti já.

Lórí ọ̀pọ̀ áàpù àti fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ àti fọ́tò kì í rìn pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ tẹ bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́ta kò tó kílóbáìtì 1. Fóònù á sọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Fọ́tò lè tó mẹ́gábáìtì 4, fóònù sì gbọ́dọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́, ìdì kọ̀ọ̀kan nǹkan bíi báìtì 1,400. Ìyẹn lé ní ìdì 2,500. Kọ̀ǹpútà tó ń gbà á á máa dáhùn pé òun ti rí èyí, òun ti rí tọ̀hún; èyí tó bá sọnù, fóònù á tún un fi ránṣẹ́. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dákẹ́ pẹ́ jù, kọ̀ǹpútà náà á gbà pé ẹ ti lọ, á pa ìlà dé. Bí wọn ò bá ṣe é kó lè máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí, gbogbo ìdì tó ti gbà á ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ti wà nípamọ́ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dé láìní fọ́tò.

Ìlà nẹ́tíwọ̀kì tó wà lókè ojú fóònù máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì ló ń fi hàn. Kò sọ bí òpó ṣe ń gbọ́ fóònù. Òpó lè máa fi wáàtì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀, nígbà tí fóònù 4G kì í sábà ju wáàtì 0.2 lọ. Ó dà bí ẹni tó ń fi ẹnu lásán dá ẹni tó mú gbohùngbohùn lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè máa wo fídíò dáadáa, kí fọ́tò kan ṣoṣo má sì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ibi tẹ́ ẹ wà, kílóbíìtì 100 péré ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà fọ́tò mẹ́gábáìtì 4 á gba ìṣẹ́jú àáyá 320, ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ohunkóhun kò bá já. Láàárín ìgbà yẹn, ìpè lè wọlé kí fóònù kan bọ́ sí 2G, kí dátà sì dúró. Ojú fóònù lè ṣú kí áàpù náà sùn. Ẹ lè rìn wọ yàrá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dín fọ́tò náà kù sí kílóbáìtì 200, ìṣẹ́jú àáyá 16 ló máa gbà. Ihò ara ewé á ṣì hàn ketekete, bí ẹ bá ya fọ́tò náà nítòsí. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè ṣe, dídín fọ́tò kù yìí ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ má gbọ́kàn lé ìlà tó ń kún títí dé 100%. Lórí áàpù míì, ohun tí fóònù ti kó sílẹ̀ fún rírán ló ń kà, kì í ṣe ohun tó ti délẹ̀. Tó bá kún tó sì dúró síbẹ̀, ìdì tó kẹ́yìn ṣì wà lọ́nà. Ẹ má pa áàpù náà dé, ẹ má sì tẹ bọ́tìnì léraléra: fọ́tò méjì tó ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà á pín ọ̀nà tóóró yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ jáde síta, síbi tó ga bó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ sì dúró lójú kan. Bí fóònù yín bá máa ń fi fọ́tò pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ dá a dúró ná. Bí áàpù náà bá gbà, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ rí àmì pé ó ti dé, kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ iye fọ́tò àti ohun tó wà nínú wọn: "Fọ́tò 2, ewé àti gbòǹgbò. Ihò kéékèèké ló wà lára ewé tuntun." Bí ẹyọ kan bá já, ẹni tó gbà á á mọ èyí tó yẹ kó béèrè, á sì ti rí ohun tó lè fi bẹ̀rẹ̀.