Bíìlì iná nínú fọ́tò: àṣìṣe tí àwa tí a ń túmọ̀ fún àgbà máa ń ṣe

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Arada, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo fi àṣìṣe tèmi kó láyà sókè. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn ya fọ́tò bíìlì iná, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Alẹ́ ni. Ọmọ náà tan fíláàṣì, ìmọ́lẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìwé náà, ìsàlẹ̀ ìwé sì gé kúrò nínú fọ́tò. Èmi náà ò ní kó tún un yà. Mo rí owó iná oṣù náà, ₦9,943.75. Mo rí ₦3,620.00 níbi tí wọ́n kọ ARREARS sí. Mo ro méjèèjì pọ̀, mo sì sọ sínú fóònù pé, "Ìyá, ₦13,563.75 lẹ jẹ wọ́n."

Wọ́n pè mí padà lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ mi, mo san ẹgbàárùn-ún lóṣù tó kọjá, gbèsè mi ò sì tó bẹ́ẹ̀. Èwo ni gbèsè tún jẹ́?"

Mo ní kí wọ́n tẹ́ bíìlì sórí tábìlì lójú ọ̀sán, kí wọ́n pa fíláàṣì, kí igun ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú fọ́tò, kí wọ́n sì ya ẹ̀yìn ìwé pẹ̀lú. Fọ́tò tuntun dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦3,620.00 ni lẹ́tà méjì wà tí ìmọ́lẹ̀ ti gbé mì: CR. Ìyẹn ni pé owó ìyá ló wà lọ́wọ́ àwọn oníná. Gbèsè wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦6,380, wọ́n san ₦10,000, ₦3,620 sì ṣẹ́ kù fún wọn. Ohun tí wọ́n máa san ni ₦9,943.75 tí a yọ ₦3,620 kúrò nínú rẹ̀: ₦6,323.75. Àṣìṣe mi ì bá ti gba ₦7,240 lọ́wọ́ wọn láìnídìí. Bíìlì mìíràn kì í kọ CR, igi kékeré báyìí ló máa ń fà síwájú owó náà, -3,620.00, igi yẹn sì rọrùn láti sọnù ju lẹ́tà lọ. Torí náà, má túmọ̀ ARREARS sí "gbèsè" kí o tó wo ohun tó wà níwájú owó náà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn máa méfò nọ́ńbà tí kò hàn dáadáa. Nínú bíìlì ìyá yìí kan náà, ibi tí ìwé ti ká ni nọ́ńbà mítà ti oṣù yìí bọ́ sí. N kò mọ̀ bóyá 14,530 ni tàbí 14,580. Kò sídìí láti méfò, bíìlì fúnra rẹ̀ máa ń dáhùn. Nọ́ńbà mítà ti oṣù tó kọjá jẹ́ 14,382. Bó bá jẹ́ 14,580 ni ti oṣù yìí, yúnìtì 198 ni wọ́n lò. Yúnìtì kan jẹ́ ₦62.50 lórí bíìlì náà, owó iná ì bá jẹ́ ₦12,375. Ṣùgbọ́n ₦9,250 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn yúnìtì 148 gẹ́lẹ́. 14,530 ni, ó ti tán. VAT ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦9,250 jẹ́ ₦693.75, àpapọ̀ wọn sì ni ₦9,943.75. Bí ìṣirò bá dọ́gba dé ìsàlẹ̀, o ka fọ́tò náà tọ̀nà. Bí kò bá dọ́gba, ibì kan wà tí o ṣì kà. Ibi tí ọgbọ́n yìí kò ti ṣiṣẹ́ ni bíìlì tí wọ́n kọ ESTIMATED sí. Àfojúbù nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò wo mítà. Sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbíìlì ní Yorùbá tó yé wọn, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wọn wà.

Ti ọ̀rọ̀, mo ti rí ẹni tó túmọ̀ CURRENT CHARGES sí "owó kọ́rẹ́ńtì". Ó dà bíi pé ó tọ̀nà, ṣebí iná là ń sọ? Ṣùgbọ́n "owó ti oṣù yìí" ni. OUTSTANDING, ìyẹn owó tí a kò tíì san, ni ẹlòmíràn sọ di "owó tó ta yọ". Mo rẹ́rìn-ín títí. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni ACCOUNT NUMBER. Bí o bá kọ "nọ́ńbà àkáǹtì" lásán, àgbà lè rò pé nọ́ńbà báńkì tí òun máa fi owó sí ni. Kọ "nọ́ńbà yín lọ́dọ̀ àwọn oníná", kí o sì da nọ́ńbà náà kọ bó ṣe wà.

Bákan náà, má fi iye owó sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹgbẹ̀ta ni 600, ẹgbàáta ni 6,000. Nínú fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já, ta ló máa gbọ́ ìyàtọ̀ wọn? Sọ ọ́, kí o sì tẹ fígọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ tẹ̀lé e.

Ní ti ọjọ́, ìwé ìkìlọ̀ pé wọ́n á já iná máa ń fún èèyàn ní iye ọjọ́ kan, ká ní 14. Àwa a sì sáré kọ "ìtàdógún". Bí ìwé bá dé lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ 14 pé lọ́jọ́ 15. Ìtàdógún Yorùbá, tó ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, bọ́ sí ọjọ́ 17. Wọ́n á ti já iná kí ìtàdógún rẹ tó pé. Ka ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà, kí o sì kọ ọjọ́ àti oṣù gan-an.

Ìwé owó orí ló le jù níbi tọjọ́ yìí. Lóṣù kẹta, télọ̀ kan láti Tákìé gbé fọ́tò irú rẹ̀ wá: ₦48,000 ni wọ́n bù fún un, ìwé sì ní bí kò bá gbà, kó kọ àtakò láàárín 30 days of service. Ọmọ rẹ̀ ti túmọ̀ service sí "iṣẹ́", pé ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ ni, kí wọ́n má ka Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìyẹn ì bá ti pa bàbá náà lára. Ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ ẹni ni service níbẹ̀, fọ́tò kì í sì í fi ọjọ́ yẹn hàn. Èèyàn ní láti bèèrè. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, ọjọ́ 17 ni wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá kà á láti ọjọ́ orí ìwé, ó parí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Láti ọjọ́ tó dé, ó di ọjọ́ 16.

Ọmọ náà tún kọ pé bàbá á san "ìdá mẹ́wàá owó ìtanràn" bó bá pẹ́. Lọ́dún ni ìwé wí, ó fò ó. Ìdá mẹ́wàá ₦48,000 lọ́dún jẹ́ ₦4,800, ìyẹn ₦400 lóṣù. Bàbá ti ń rò pé ₦4,800 máa gun orí gbèsè náà lọ́jọ́ kejì. Èlé wà lọ́tọ̀ lórí ìlà kejì, ọmọ náà sì ti pa á pọ̀ mọ́ ìtanràn. Ìlà méjì ni wọ́n, mo kọ wọ́n ní ìlà méjì.

A kọ àtakò náà pa pọ̀, a ṣàlàyé ìdí rẹ̀, a sì kọ iye tí bàbá gbà pé òun jẹ. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀ fún wọn, kí ọ́fíìsì lè lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èyí tí wọ́n máa gbé bọ̀ wálé.