Báàgì ẹ̀yìn tó ń rin nínú òjò Àbújá: ohun tó bá mi yanjú rẹ̀

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: téèyàn bá fi agbòjò tàbí ẹ̀wù òjò rìn bí ogún ìṣẹ́jú nínú òjò ńlá ní Kúbwà, orí gbẹ, àyà gbẹ, ṣùgbọ́n báàgì ẹ̀yìn á rin gbindin, ìwé inú rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ra.

Agbòjò ni mo kọ́kọ́ lò. Ìjì sábà máa ń ṣáájú òjò ńlá níbí, á sì yí agbòjò sódì. Béèyàn bá dà á kọ ojú afẹ́fẹ́, kò ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mo wá ra ẹ̀wù òjò onísíìpù, mo gbé báàgì kọ́ lé e lórí. Omi ń gba ojú síìpù báàgì wọlé.

Èyí tó ṣiṣẹ́ ni ẹ̀wù òjò aláìlápá tó fẹ̀ bí agbádá, tó bo èmi àti báàgì pa pọ̀ dé orúnkún. Kọ́ báàgì ná, kí o tó wọ̀ ọ́. Pa gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ á gbé e sókè. Dé fésíkáàpù sábẹ́ ìborí rẹ̀: kò ní jẹ́ kí omi ta sójú, ìborí á sì máa bá orí yí tí o bá ń wo ọ̀tún wo òsì kí o tó sọdá títì. Àwọ̀ ọsàn tàbí ìyeyè ni kí o rà. Awakọ̀ kì í tètè rí dúdú lábẹ́ òjò.

Fi fóònù àti ìwé sínú láílọ́ọ̀nù, ká ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òógùn náà ń rin báàgì.

Bàtà ṣì ń rin o. Bí òjò bá rọra ń rọ̀ láìsí afẹ́fẹ́, agbòjò ṣì tura jù. Bọ́ ẹ̀wù yìí kí o tó gun ọ̀kadà. Etí rẹ̀ lè há sí táyà.