Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Iṣẹ́ Àṣetiléwá Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi, Pàmárì Wáànù. Àyọkúrò márùn-ún ni mo fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì, márààrún ló sì gbà. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi kílínà pa nǹkan rẹ́. Gbogbo 8 tó wà níbẹ̀ gún régé bíi pé àgbàlagbà ló kọ ọ́. Mo fi bíró pupa sàmì sí i, mo kọ "Ó dára púpọ̀" sábẹ́ rẹ̀, mo sì mú ìwé ọmọ tó kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ náà jókòó, ó tẹjú mọ́ 12 − 5, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àyọkúrò kò tíì yé e rárá. Ìyá rẹ̀ ló ti ń bá a ṣe é láti ọjọ́ yìí wá.

Mi ò bínú sí ìyá náà. Aago méje alẹ́ ló ń ti ìsọ̀ dé, ọmọ ti ń tòògbé, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá ọmọ òun wí lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó ń pa ọmọ lára tó o.

Ẹ má tún iṣẹ́ ọmọ ṣe kó tó padà sílé ìwé

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé kì í ṣe máàkì là ń wá nínú iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tó ṣẹ́ kù lọ́pọlọ ọmọ lẹ́yìn tó kúrò níwájú mi. Bí ọmọ mẹ́wàá bá ṣì í síbì kan náà, mo mọ̀ pé èmi ni mi ò kọ́ ọ yé wọn, màá sì tún un kọ́. Bí òbí bá ti pa àṣìṣe náà rẹ́ nílé, ó ti fọwọ́ bò mí lójú nìyẹn. N ó máa bá ẹ̀kọ́ lọ, ọmọ á sì máa wọ́ tẹ̀ lé mi láìgbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ó dá mẹ́ta ṣe, méjì yòókù kò yé e." Gbólóhùn yẹn wúlò fún mi ju márùn-ún tí ó gbà látọwọ́ ẹlòmíràn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má ràn án lọ́wọ́ o. Ẹ jẹ́ ká mú 12 − 5 yẹn gan-an. Ẹ ṣa ìdérí ìgò mínírà méjìlá jọ sórí ẹní, ẹ ní kí ọmọ kà wọ́n fúnra rẹ̀, kó mú márùn-ún kúrò, kó sì ka ìyókù. Á rí méje. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn kó tó gbìyànjú láti fi ìka ṣe é.

Ibi ìka yìí ni wàhálà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 8 dípò 7. Bí ẹ bá jágbe mọ́ ọn pé olódo ni, ẹ ò ní mọ ohun tó fà á láéláé. Ẹ sọ fún un pé: "Kà á kí n gbọ́." Ẹ ó gbọ́ tó máa sọ pé: "Méjìlá, mọ́kànlá, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ," táá sì ká ìka kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka márùn-ún ti pé, ibi tó dé sì ni mẹ́jọ. Ọmọ yẹn mọ òǹkà, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni òun gbọ́dọ̀ máa kà lọ. Ohun tó ṣì jẹ́ ẹyọ kan péré: ó ka méjìlá tó dúró lé mọ́ àwọn tó fẹ́ yọ. Bí ẹ bá ní kó fi ọwọ́ kejì di méjìlá mú, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka láti orí mọ́kànlá, á dé orí méje. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà, kò sì sí ìdáhùn kankan tí ẹ bá a kọ.

Ẹ má lé Yorùbá jáde nílé nítorí iṣẹ́ ilé ìwé

Mo ti rí ìyá tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń ṣòwò láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n tí ìwé àṣetiléwá bá ti ṣí báyìí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló máa fi bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí ó rò pé ohun tí ilé ìwé ń fẹ́ nìyẹn. Ohun méjì ni ọmọ á wá máa jà lẹ́ẹ̀kan náà: ìṣirò, àti èdè tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ìṣirò.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ní ti àyọkúrò, òǹkà wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹẹ́rìndínlógún ń sọ ọ́ gbangba pé mẹ́rin dín nínú ogún. Ẹ bi ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà ní Yorùbá pé ogún yọ mẹ́rin jẹ́ mélòó, kí ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ìdáhùn nínú orúkọ nọ́ńbà náà. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá yé e.

Ẹ má fi iye ojú ewé díwọ̀n iṣẹ́

Àwọn òbí kan máa ń wá bá wa pé iṣẹ́ tí à ń fún ọmọ àwọn kéré, pé ilé ìwé tó wà ládùúgbò àwọn ń fún tiwọn ní ojú ewé mẹ́rin. Àwọn alákòóso kan sì máa ń tìtorí èyí fi kún un. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́ ti fara mọ́ ìlànà kan tó rọrùn: ìṣẹ́jú 10 lálẹ́ fún ọmọ kíláàsì kìíní, 20 fún kíláàsì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2006, Harris Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke kó àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí iṣẹ́ àṣetiléwá láti 1987 jọ. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ àṣetiléwá àti àṣeyọrí ń rìn pọ̀ láàárín àwọn ọmọ girama, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, okùn tó so méjèèjì pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gidigidi.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni èmi ń fún ọmọ kíláàsì mi, ìwé kíkà wà nínú rẹ̀. Ẹ tún ro ti oorun mọ́ ọn. Àwọn dókítà onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní 2016 pé wákàtí 9 sí 12 ló yẹ kí ọmọ ọdún 6 sí 12 máa sùn. Ọmọ tí wọ́n ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí bọ́ọ̀sì má bàa fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, wákàtí 9 péré ló sì pé yẹn. Bó bá ti ibi ẹ̀kọ́ àfikún dé ní aago márùn-ún, tó wẹ̀, tó jẹun, tó ṣeré díẹ̀, ẹ wo ohun tó kù.

Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, ìwé ọmọ fúnra rẹ̀ á sọ fún yín. Ìlà àkọ́kọ́ á mọ́, ìlà kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó bá fi máa di ìkarùn-ún, á ti fi kílínà ha ìwé títí tó fi ya. Ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ni kí ẹ ti dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣẹ́jú 15 ti pé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní na ọmọ nítorí èyí. Bí ọmọ bá kọ b bíi d, ẹ má ṣe nà án. Ó wọ́pọ̀ kí ọmọ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méje.

Ẹ má jẹ́ kí àdàkọ gba ipò ẹ̀kọ́

"Kọ 1 dé 100" ni iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ jókòó ti ọmọ nígbà tó bá ń kọ ọ́. Tó bá dé orí ogún, á kọ 2 mẹ́wàá wálẹ̀ ní gbọọrọ, á tún padà sókè wá fi 0, 1, 2, 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú ewé á kún, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ronú kan 27 nígbà kankan. Àyọkúrò mẹ́ta tí ó fi ìdérí ìgò ṣe kọ́ ọ ju ojú ewé yẹn lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí bàbá ń sanwó fún káfíńtà láti bá ọmọ kàn, ilé ìwé ló yẹ kó jáwọ́ nínú fífún ọmọ ní irú rẹ̀.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ọmọ ka ìwé sókè fún ẹnì kan nínú ilé, ojú ewé kan tàbí méjì, èyí tí a ti kà ní kíláàsì. Òbí tí kò kàwé lè ṣe é dáadáa. Ẹ ní kó máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Bí ẹnu bá ń sáré ju ìka lọ, tàbí tó ń wo òkè àjà bó ti ń kà, ó ti há a sórí ni. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán, ẹ na ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín gbùngbùn, kí ẹ ní: "Èyí ńkọ́?" Bó bá ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kó tó lè sọ ọ́, kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà rẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, mo pe ìyá rẹ̀, mo dín iṣẹ́ náà kù sí mẹ́ta lálẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé náà padà wá. Méjì ló gbà, ó ṣi ẹyọ kan, 8 rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá rẹ̀ ti fi bíró kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Òun ló dá a ṣe. Ó ṣì ń ka èyí tó dúró lé mọ́ ọn." Mo pe ọmọ náà sídìí tábìlì mi, mo sì gbé agolo ìdérí ìgò síwájú rẹ̀.