Gáùn mélòó ni télọ̀ gbọ́dọ̀ rán lóṣù kó tó bọ́ lọ́wọ́ àdánù?

Mú ìwé kan, kí o fa ìlà sí i láàárín. Ní apá òsì, kọ gbogbo owó tí wàá san lóṣù bí o kò tilẹ̀ rán aṣọ kan ṣoṣo. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 360,000 lọ́dún. Pín in sí 12, ó di 30,000. Owó oṣù ọmọṣẹ́ jẹ́ 40,000. Iná àti àtúnṣe máṣíìnì jẹ́ 14,000. Máṣíìnì tí o ra ní 240,000, tí o retí pé yóò lo ọdún 5, ń jẹ 4,000 lóṣù. Má fo èyí, torí ọjọ́ tó bá dẹnu kọlẹ̀, o ní láti ra òmíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 88,000.

Ní apá ọ̀tún, kọ owó tí gáùn kan ṣoṣo ń ná ọ. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ tirẹ̀ wá, má ka owó aṣọ náà. Òwú 150, sípì 350, ẹni tó ń fọwọ́ ká etí rẹ̀ ń gba 400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìnì ló máa ń tan èèyàn jẹ. Má fi ìwọ̀n tó wà lára aṣọ ṣírò rẹ̀. Wo iye gáùn tí ròólù kan ń rán ní tòótọ́: bí ròólù 11,000 bá rán 10, láìnì jẹ́ 1,100, àjákù tí o dà nù sì ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,000.

Bí o bá ń gba 6,000 lórí gáùn kan, yọ 2,000 kúrò. 4,000 tó ṣẹ́kù ló ń san owó apá òsì. Pín 88,000 sí 4,000: gáùn 22. Bí ìpín náà kò bá bọ́ sí géérégé, bíi 22 àti ààbọ̀, sọ ọ́ di 23, torí kò sẹ́ni tó ń ra ìlàjì gáùn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tìrẹ ńkọ́? Èyí ni mo máa ń rí pé àwọn télọ̀ ń gbàgbé jù, ó sì ń dùn mí. Bí o bá ń fẹ́ 60,000 fún ara rẹ, apá òsì di 148,000, gáùn sì di 37.

Wàyí o, bi ara rẹ léèrè bóyá ọwọ́ rẹ ká a. Bí gáùn 8 lo lè parí lọ́sẹ̀, bíi 34 ni lóṣù. 37 kò ṣeé ṣe, bó ti wù kí oníbàárà pọ̀ tó. Nítorí náà, pín 148,000 sí 34: ó lé díẹ̀ ní 4,350 tí gáùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù fún ọ. Fi 2,000 kún un, wàá rí i pé 6,400 ló yẹ kí o máa gbà.

Bí o bá ń rán ṣòkòtò pẹ̀lú, wá iye tí òun náà ń ṣẹ́kù, kí o sì máa ro ìṣẹ́kù aṣọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí yóò fi pé 148,000. Èyí tí oníbàárà kò tíì sanwó rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí.