Alẹ́ẹ̀tì Èdè Haúsá Tó Wọ Fóònù Màmá Kánò

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù. Mo wà nídìí píóèsì mi ní Kubwa níbí nígbà tí fọ́tò kan wọlé sórí Wátísáàpù mi láti Kánò. Ohùn Màmá tẹ̀ lé e: "Ìyá Tómi, jọ̀ọ́ bá mi wo nǹkan yìí kíákíá. Ẹni tó fẹ́ gbé ọjà ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Àbúrò ìyá mi ni Màmá Kánò. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta àdìrẹ ní Sábọ̀n Gàrí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni mo ti ṣe kékeré. Ó gbọ́ Haúsá bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò kọ́ bí a ṣe ń kà á. Bíbélì Yorùbá ló ń kà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni báńkì rẹ̀ fi ń kọ alẹ́ẹ̀tì sí i, iye owó nìkan ló sì máa ń wò níbẹ̀. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ló ń gba alẹ́ẹ̀tì náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń bá a tajà fi ní láti fi fóònù ńlá ya ojú fóònù kékeré náà kó tó lè fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọkùnrin kan tó pè é lórí fóònù ló ra àdìrẹ mẹ́fà, 9,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, 54,000 lápapọ̀. Ó gba nọ́ńbà àkáǹtì, ó ní òun ti sanwó, òun sì ti rán oní-adáídàítà sàhú, bí wọ́n ṣe ń pe kẹ̀kẹ́ Màrúwà ní Kánò, wá gbé ẹrù. Ohun tó wà nínú fọ́tò náà nìyí, mo kàn yọ nọ́ńbà àkáǹtì kúrò níbẹ̀ ni:

"An saka N154,000 a asusunka. Ragowar kudi N161,200. An rike kudin. Ka mayar da N100,000 cikin minti 30 ko a rufe asusunka. Kada ka gaya wa kowa."

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti san 154,000 sínú àkáǹtì rẹ, 161,200 ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti di owó náà mú, kí o dá 100,000 padà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ti àkáǹtì rẹ pa, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lè ka Haúsá, ṣùgbọ́n mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ tí ara fi ń fu mí. Iye owó inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, torí nọ́ńbà kò ní èdè. Mo bi Màmá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ló kù nínú alẹ́ẹ̀tì tó wọlé kẹ́yìn kí èyí tó dé?" Ọmọ náà ṣí ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó kà á fún mi: 47,300. Ẹ bá mi rò ó. Tí 154,000 bá wọlé sórí 47,300, iye tó yẹ ká rí ni 201,300. Ní ọdún yẹn, báńkì tún máa ń yọ 50 náírà lọ́wọ́ ẹni tó bá gba 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (láti ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án), nítorí náà bí mo bá rí 201,250, ọkàn mi kò ní dàrú. Ṣùgbọ́n 161,200 ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí kọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé lójú ẹni tó kọ ọ́, 7,200 péré ni Màmá ní tẹ́lẹ̀. Báńkì kò lè ṣi irú ìṣirò yẹn ṣe. Ẹni tí kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì ló máa ń méfò rẹ̀.

Nígbà náà ni mo wá wo nọ́ńbà àkáǹtì tó kọ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kọ, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Alẹ́ẹ̀tì báńkì Màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ń bo èyí tó pọ̀ nínú nọ́ńbà náà. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ nǹkan máa fi sọ́kàn: kí ó ya ohun tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò mọ̀. Ọkùnrin yìí mọ nọ́ńbà àkáǹtì nítorí pé Màmá fúnra rẹ̀ ló kà á fún un. Ó mọ iye ọjà nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ná an. Kò mọ iye owó tó wà nílẹ̀, kò sì mọ bí báńkì yẹn ṣe ń to alẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹnu Màmá ló ti jáde.

Orí fọ́tò náà ti gé, a kò rí ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí fọ́tò alẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń rí nìyẹn: ọ̀rọ̀ àárín ni ẹni tó ń yà á máa ń gbájú mọ́, orí rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù a sì bọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà tún un yà, kí ó jẹ́ kí òkè rẹ̀ hàn, kí ó sì ya ibi tí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó kù to sí. Nígbà tó dé, orúkọ báńkì ló wà lórí gbogbo alẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Nọ́ńbà fóònù lásán, bíi tèmi tìẹ, ló wà lórí ti Haúsá yìí. Ìyẹn ti tó láti fi mọ̀ pé kì í ṣe báńkì. Ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà o: tí ẹ bá rí orúkọ báńkì lórí àtẹ̀jíṣẹ́, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di òótọ́. Àwọn gbájúẹ̀ kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi orúkọ báńkì ránṣẹ́, fóònù yóò sì tò ó mọ́ àárín àwọn tòótọ́.

Pé Haúsá ni wọ́n fi kọ ọ́ náà jẹ́ àmì, àmọ́ kì í ṣe nítorí pé Haúsá ni. Àkáǹtì tó ti ń gba Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i kì í ṣàdédé yí èdè padà láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ló béèrè. Ọkùnrin náà bá Màmá sọ Haúsá lórí fóònù, ó rí i pé ó gbọ́ ọ dáadáa, ó wá rò pé ìyẹn ni yóò tètè wọ̀ ọ́ lára. Ó tún kọ "asusunka" àti "ka mayar", bí ẹni ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. "Asusunki" àti "ki mayar" ni wọn ì bá kọ sí obìnrin. Mi ò gbára lé ìyẹn púpọ̀, torí báńkì gan-an lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí gbogbo ènìyàn.

Gbólóhùn tó dẹ́rù bà mí jù ni "An rike kudin", wọ́n ti di owó náà mú. Bí mo ṣe sọ fún Màmá pé kí ó má gbé ọjà sílẹ̀, ohun tó fi dá mi lóhùn nìyẹn: "Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí, wọ́n ní báńkì ló dì í mú, pé mi ò ní rí i tí mo bá wò ó." Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe gbọ́n! Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò kò ní bá owó kankan níbẹ̀, wọ́n sì ti fi àlàyé dí ibẹ̀ ṣáájú. Mo ṣàlàyé fún un pé tí ẹnì kan bá ṣi owó san lóòótọ́, báńkì tirẹ̀ ló máa lọ fi sùn, báńkì méjèèjì ni yóò sì jọ yanjú rẹ̀. Kò sí báńkì tí yóò ní kí ẹ fi ọwọ́ ara yín san 100,000 sínú àkáǹtì ẹlòmíràn nítorí owó tí wọ́n ní àwọn dì mú. Tí wọ́n bá dì í mú lóòótọ́, kí wọ́n yọ 100,000 náà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà ti fi rìsíìtì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi rìsíìtì náà gan-an ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n má ya fọ́tò rẹ̀, torí nínú fọ́tò 8 lè dà bí 0, 1 a sì dà bí 7. Ó mọ́lẹ̀ kedere: 154,000, ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìsàlẹ̀ ni mo lọ, síbi tí wọ́n kọ Session ID sí. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ni í máa ń jẹ́ tí owó bá lọ láti báńkì kan sí òmíràn. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti báńkì tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti àkókò: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá, méjì-méjì. Mo fo mẹ́fà, mo ka méjìlá, ohun tí mo rí ni 240503091522. Ọdún 2024, oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Rìsíìtì tòótọ́ kan tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n gbé, wọ́n yí iye owó àti ọjọ́ òkè padà, wọ́n sì gbàgbé ìsàlẹ̀.

Ìdí píóèsì ni mo ti kọ́ èyí, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ àdánù rí. Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Tí owó bá lọ láàárín báńkì kan náà, rìsíìtì lè má ní nọ́ńbà yẹn rárá. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó lè yí ọjọ́ inú rẹ̀ náà. Tí ọjọ́ méjèèjì kò bá bára mu, irọ́ ni. Tí wọ́n bá bára mu, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wo àkáǹtì yín.

Ohun tí a sì ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn. Màmá tẹ kóòdù báńkì rẹ̀ lórí fóònù kékeré náà, kóòdù tó ti ń lò tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà kankan tí ọkùnrin yẹn fún un. 47,300 ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀, ó fi ẹjọ́ sùn, ó ka nọ́ńbà ọkùnrin náà àti àkáǹtì tó ní kí ó san 100,000 sí fún wọn. Ká ní ó ti san án ni, ibẹ̀ kan náà ni ì bá kọ́kọ́ pè, láìdúró di ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú rìsíìtì tirẹ̀ gan-an lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Nígbà tí Màmá fi Haúsá sọ fún un pé kí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó pa fóònù. Ó ku oní-adáídàítà sàhú lẹ́nu ọ̀nà, ọmọdékùnrin kan tí wọ́n kàn pè níbi ìdúró wọn pé kí ó wá gbẹ́rù, tí kò mọ ẹni tó rán an. Màmá fún un ní omi tútù, ó sì san owó ọ̀nà rẹ̀ fún un.