Kókó àtúnṣe nínú àgíríméǹtì ilé: ibi tí Yorùbá tó rọrùn ti yí ẹrù padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ní fúláàtì mẹ́rin ní Apẹ̀tẹ̀. Lọ́yà ló kọ àgíríméǹtì, èmi sì tún kókó karùn-ún sọ ní Yorùbá tó rọrùn fún Màmá àti tẹ́náǹtì. Ní báyìí tẹ́náǹtì ń kó lọ. Màmá ní kó kun ilé, kó pààrọ̀ táàpù tó ń jò àti gíláàsì fèrèsé méjì tó fọ́, kí wọ́n tó dá owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ padà. Tẹ́náǹtì ní ìkankan ò kan òun. Ìwé tí mo kọ yẹn ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ohun tí lọ́yà kọ, bí mo ṣe tú u láì fi nǹkan kan sílẹ̀: "Ayálégbé gbọ́dọ̀ máa mú inú fúláàtì náà wà ní ipò àtúnṣe rere tó yẹ fún ayálégbé, àfi ohun tó bá gbó nípa lílò tó tọ́, kí ó sì tún àbùkù tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ 14 tí ó bá gba ìwé onílé."

Tèmi: "Tẹ́náǹtì gbọ́dọ̀ tọ́jú ilé dáadáa. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe láàárín ìtàdógún. Tó bá ń kó lọ, kó fi ilé sílẹ̀ bó ṣe bá a."

Ìdáhùn: Yorùbá yín dùn, òun gan-an ló kó bá yín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, torí ibẹ̀ ni ìjà ti wá.

"Bó ṣe bá a" kò sí nínú ìwé lọ́yà rárá. Gbólóhùn tó máa ń yọ sí gbogbo wa lẹ́nu ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n mìíràn ló gbé kalẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890, Proudfoot àti Hart, tí àwọn lọ́yà wa náà mọ̀ dáadáa. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà láti máa mú ilé wà ní ipò àtúnṣe rere, tó bá bá ilé náà ní bíbàjẹ́, ó ti gbà láti kọ́kọ́ tún un ṣe, nítorí a kì í mú ohun tó ti bàjẹ́ wà ní ipò rere láì tún un ṣe. Nítorí náà, bí tẹ́náǹtì yín bá bá ilẹ̀kùn yàrá ní fífọ́ lọ́jọ́ tó wọlé, ìwé lọ́yà lè gbé ilẹ̀kùn náà kà á lọ́rùn. Ìwé tiyín sọ pé kó fi í sílẹ̀ ní fífọ́. Ẹ tún wo apá kejì: bí ọ̀dà ṣì ń dán lọ́jọ́ tó wọlé, "bó ṣe bá a" ní kó kun ilé kó tó lọ, nígbà tí lọ́yà ti yọ ohun tó gbó nípa lílò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ó dín ẹrù tẹ́náǹtì kù níhìn-ín, ó fi kún un lọ́hùn-ún.

"Ohunkóhun tó bá bàjẹ́" ló gbé "àfi" mì. Nínú irú ìwé báyìí, ọ̀rọ̀ tó kéré jù ló máa ń gbé owó tó pọ̀ jù. Ọ̀dà tó ṣá nítorí oòrùn, gbígbó ni. Gíláàsì tí bọ́ọ̀lù ọmọ fọ́, kì í ṣe gbígbó.

"Ilé" náà ṣe yín bákan. Lẹ́nu wa, ilé lè jẹ́ yàrá, ó lè jẹ́ gbogbo ọgbà. Lọ́yà sọ pé inú fúláàtì. Ilé tí ẹ kọ yẹn lè gba páànù òrùlé àti sọkawé mọ́ra.

"Kí wọ́n tún un ṣe": ta ni wọ́n? Ẹ dárúkọ tẹ́náǹtì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá bọ́ sí "wọ́n" lójijì, ẹ tún padà sí "ó" ní ìparí. Màmá kà á sí tẹ́náǹtì. Tẹ́náǹtì kà á sí Màmá, nítorí àgbà la máa ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, ẹ máa dárúkọ ẹni náà ní gbogbo ìgbà, onílé tàbí ayálégbé, bó tilẹ̀ dà bí ẹni ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ ṣáá.

Ìtàdógún ńkọ́? Àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn, torí náà ìtàdógún àti ọ̀sẹ̀ méjì máa ń bọ́ sọ́jọ́ kan náà. Ẹlòmíràn á rí 15 nínú rẹ̀, á sì bá yín jà lórí ọjọ́ kan. Ẹ fi 14 sílẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹ fi ìwé onílé sílẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ayálégbé gbọ́dọ̀ máa mú kí inú fúláàtì wà ní ipò àtúnṣe rere tó yẹ fún ayálégbé láti gbé. Ohun tó bá gbó nípa lílò tó tọ́ kò sí lọ́rùn ayálégbé. Bí onílé bá kọ ìwé sí ayálégbé nípa àbùkù tó wà lọ́rùn ayálégbé, ayálégbé gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14 tí ayálégbé bá gba ìwé náà."

"Onílé yóò kọ ìwé" ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo pa á rẹ́, nítorí ó sọ ìwé kíkọ di dandan fún Màmá, lọ́yà kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Mo máa ń mú ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, mo á bi ìwé méjèèjì pé ta ni yóò sanwó. Ọ̀dà tó ṣá: ìwé lọ́yà ní kì í ṣe tẹ́náǹtì, tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀, tiyín ní tẹ́náǹtì ni. Gíláàsì méjì: bó bá jẹ́ pé wọ́n fọ́ lọ́wọ́ tẹ́náǹtì tàbí ará ilé rẹ̀, òun ni. Táàpù ló gba àròjinlẹ̀. Rọ́bà inú táàpù tó gbó kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kí omi máa jò títí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ rẹ̀ fi jẹrà, kọ́bọ́ọ̀dù lè di tirẹ̀. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ láti 1928 pé "àfi ohun tó gbó" kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wo ìbàjẹ́ tó ń tàn kálẹ̀ níran. Ẹ má kọ èyí sínú àtúnsọ o. Àlàyé ni, ẹ fi sí ìsàlẹ̀, kí ẹ pè é ní àlàyé.

Ìbéèrè: "Ipò àtúnṣe rere tó yẹ fún ayálégbé" ṣì gùn. Ṣé mi ò lè kọ "kí ó dára bíi tuntun"?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹjọ́ 1890 yẹn kan náà ní kí a wo ọjọ́ orí ilé, irú ilé tó jẹ́, àti àdúgbò tó wà, kí a tó sọ pé ó wà ní ipò rere. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Bẹẹrẹ kò ní láti rí bí ilé tuntun ní Bódìjà. "Bíi tuntun" á gba owó lọ́wọ́ tẹ́náǹtì Bẹẹrẹ tí kò jẹ.

Ìbéèrè: Bí ìwé méjèèjì bá takora, èwo ni yóò dúró? Màmá kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀.

Ìdáhùn: Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí àtúnsọ yín, torí wọ́n lè sọ pé àdéhùn tuntun ni. Ẹ kọ ọ́ sókè pé: "Ìrànlọ́wọ́ láti lóye ni èyí, àgíríméǹtì tí a fọwọ́ sí ni àdéhùn wa." Ní ti àtàǹpàkò, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé fẹ́ kí ẹni tó kọ ìwé fún un fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí ó sì hàn nínú ìwé pé wọ́n kà á, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àgíríméǹtì lọ́yà bóyá ó wà níbẹ̀.