Ọmọ tí ọjọ́ kan lé lórí rẹ̀, tí Excel gbà wọlé

Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Àkúrẹ́ sílẹ̀. Ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 15 lọ tí a fẹ́ lọ ní 2025 ní kí a ti bí ọmọ ní 1/1/2010 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó pé 15 ní oṣù Kẹta ṣì yẹ, torí ọjọ́ ìbí là ń wò, kì í ṣe ọjọ́ orí òní. Ọjọ́ ìbí wà ní B2, mo wá kọ:

```
=B2>=DATE(2010,1,1)
```

Àfi bí kóòṣì ṣe pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, 31/12/2009 ni wọ́n bí ọmọ yìí, ẹ wá kọ TRUE sí i?” Ojú tì mí gan-an.

Oṣù ni kọ̀ǹpútà mi ń kà ṣáájú ọjọ́, bíi ti Amẹ́ríkà. Kò sí oṣù 31, Excel wá gbà á bí ọ̀rọ̀ lásán. Lójú rẹ̀, nọ́ńbà ni ọjọ́ gidi, ọ̀rọ̀ sì tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ, ló bá ní ọmọ náà yẹ. Apá òsì ni ọ̀rọ̀ máa ń fara tì nínú àpótí rẹ̀, ọjọ́ gidi a sì fara ti ọ̀tún. Mo rí i o, mi ò kà á sí. Mo wá ní kí ó kọ́kọ́ wò bóyá nọ́ńbà ni:

```
=AND(ISNUMBER(B2),B2>=DATE(2010,1,1))
```

Ó di FALSE. Ẹni tí a bí ní 20/5/2010 náà di FALSE, ni mo bá tún irú wọn tẹ̀ báyìí: 2010-05-20. Ṣùgbọ́n 9/3/2010 ti di 3 oṣù Kẹsàn-án láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kò yí padà, kò pa wá lára. Ká ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n fi pààlà ni, ì bá ti bàjẹ́.